Bí a ṣe ń kọ "Àárò rẹ ń sọ mí" sí ọkọ tàbí aya tó rìnrìn àjò ọjọ́ díẹ̀

Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sunkún sí. Ẹni tó lọ ti sọ ọjọ́ tó máa padà, báàgì kékeré kan ló gbé, aṣọ rẹ̀ tó kù ṣì wà lórí àga níbi tó bọ́ ọ sí. Síbẹ̀ ilé kì í rí bákan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú nìyẹn tí a bá fẹ́ kọ nǹkan ránṣẹ́ sí i. Tí a bá kọ ọ́ bíi ti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn odi fún ọdún mẹ́ta, àsọdùn ni, ẹ̀rín ló máa pa á. Tí a bá sì kọ "Báwo ni? Ṣé gbogbo nǹkan ń lọ?" nìkan, a ò tíì sọ ohun tó wà lọ́kàn wa.

Ohun tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí ni bí a ṣe ń kọ ọ́ kó wọ̀n: gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, ní irú èdè tí ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín sọ nínú ilé, tí ẹni tó lọ á fi mọ̀ pé àyè òun ṣófo, láì rò pé ẹ ń fẹ̀sùn kan òun pé òun lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ya àárò sọ́tọ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ń ṣe yín gan-an. Àárò lè jẹ́ àárò. Ó tún lè jẹ́ àníyàn pé bóyá kò débẹ̀ láyọ̀. Ó sì lè jẹ́ ìbínú díẹ̀, nítorí pé gbogbo iṣẹ́ ilé ti já lé yín lórí, tí ẹni náà ò sì tíì pè láti àná. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jáde lẹ́nu bí "Àárò rẹ ń sọ mí," ẹni tó ń kà á sì máa ń mọ èyí tó jẹ́, kódà tí ẹni tó kọ ọ́ ò bá mọ̀.

Tó bá jẹ́ àníyàn ni, ẹ béèrè ní tààrà: "Ṣé o ti dé? Ṣé ibi tí wọ́n fi ọ́ sí dára?" Ẹ dúró gba èsì. Ẹ má fi àárò kún un. Tó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá gbóhùn ara yín, torí pé ọ̀rọ̀ ìbínú tí a kọ sílẹ̀ máa ń le ju bó ṣe wà lọ́kàn lọ, kò sì ní ohùn tó máa rọ̀ ọ́. Àárò ló kù, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́. Ẹ fi ìka bo gbólóhùn tó ní "àárò" nínú, kí ẹ ka ìyókù. Tí ìyókù bá jẹ́ ìbéèrè, tàbí àlàyé bí ara ṣe ń ni yín, ohun tí ẹ kọ gan-an nìyẹn, àárò kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni.

Bákan náà ni ti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán an. "Níbo lo kó kọ́kọ́rọ́ sí?" "Èwo nínú àwọn bébà yìí ni kí n sanwó rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ béèrè ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Ohun tó ń béèrè iṣẹ́ ni ojú ẹni tó rẹ̀ máa ń lọ bá lákọ̀ọ́kọ́. Á fèsì kọ́kọ́rọ́, á sì fi èyí tó kù sílẹ̀, kì í ṣe pé kò wú u lórí. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ní ọ̀sán, kí ẹ parí rẹ̀ pátápátá, kí àtẹ̀jíṣẹ́ àárò dé ní ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀.

Ẹ wá ohun kan ṣoṣo tó yí padà nínú ilé

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

"Àárò rẹ ń sọ mí" fúnra rẹ̀ kò ju gbólóhùn tí gbogbo èèyàn ń sọ. Ohun tó ń sọ ọ́ di ti yín ni ohun kékeré kan tí ẹ fi ojú rí, tàbí tí etí yín gbọ́, tàbí tí ọwọ́ yín ṣe, nítorí pé ẹni náà ò sí nílé. Ẹyọ kan péré ti tó. Tí ẹ bá kó mẹ́rin jọ, ó di ìròyìn.

Tí ohun kan ò bá wá sọ́kàn, ẹ tọ ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ láti ìgbà tí ẹ jí. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ yín ṣe nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára: ẹ gbé ife méjì kalẹ̀ dípò ẹyọ kan, ẹ rọra pa ilẹ̀kùn yàrá dé kí ẹ má bàa jí ẹni tí kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sùn sí apá tiyín nìkan, ẹ fi gbogbo apá kejì sílẹ̀ fún ẹni tó wà níbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ronú sí ohun tí ẹ ò gbọ́: orin tó máa ń kọ nínú balùwẹ̀, bó ṣe máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn, bó ṣe máa ń pe orúkọ yín láti yàrá kejì nígbà tó yẹ kó dìde wá bá yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹ fẹ́ sọ tí kò sí ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ fún. Ẹ rí nǹkan tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ yíjú sí àga rẹ̀, àga nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn oríṣi kẹta yìí jù, nítorí pé òun náà máa fẹ́ mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ń bá yín gbé mọ̀ yín. Tí ẹ bá kọ pé oorun ò kun yín láti ìgbà tó ti lọ, tó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ń gba oorun lójú yín, ọ̀rọ̀ tó kù á fúyẹ́ lójú rẹ̀.

Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń ṣi ibí yìí, àwọn obìnrin kan náà sì ń ṣì í. "Àárò rẹ ń sọ mí, abọ́ ti kún inú ilé ìdáná." "Àárò rẹ ń sọ mí, kò sí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀." Àárò òṣìṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe àárò èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ìdí abọ́ ni àárò náà ti mú yín lóòótọ́, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn abọ́ náà. Bóyá orin tó máa ń kọ tó bá ń fọ̀ wọ́n ni. Bóyá ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ń dúró síbẹ̀ sọ bí ọjọ́ ṣe lọ. Ẹ kọ ìyẹn: "Mo fọ abọ́ lálẹ́ òní láì gbọ́ ìròyìn ọ̀gá yín kankan. Kò dùn." Ẹni tó bá ka èyí á mọ̀ pé ẹnu òun ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ọwọ́ òun.

Tí ọmọ bá wà nílé, ohun tí ọmọ sọ lè dára ju ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ yan ohun tó dùn ún gbọ́. "Ọmọ ń sunkún, ó ní ìwọ lòun ń wá" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́; ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kò lè gbé ọmọ yẹn, kò sì lè padà lálẹ́ yẹn, ẹ kàn ba oorun rẹ̀ jẹ́ ni. Ẹ dúró kí ọmọ sùn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ìbéèrè tó béèrè kó tó sùn, pàápàá tó bá jẹ́ irú ìbéèrè tí ẹ ò rí ìdáhùn rẹ̀.

Orúkọ tí ẹ máa fi pè é

Orúkọ tí ẹ ń pè é nínú ilé ni kí ẹ kọ. Tó bá jẹ́ oríkì rẹ̀ ni, ẹ kọ oríkì. Tó bá jẹ́ "Màmá" tàbí "Bàbá" pẹ̀lú orúkọ ọmọ, ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé orúkọ òbí nìyẹn. Tí ẹ bá ní òmíràn tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, ọjọ́ rẹ̀ rèé. Ẹ má lọ yá "oòrùn ayé mi" tàbí "ọba inú ọkàn mi" tí ẹ ò bá pè é bẹ́ẹ̀ rí, torí pé ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sọ́kàn rẹ̀ ni: kí ló ṣẹlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàwó tó máa ń sọ pé "Ẹ káàbọ̀" fún ọkọ rẹ̀, "Àárò yín ń sọ mí" ló máa kọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín ìfẹ́ rẹ̀ kù. Ẹni tó máa ń sọ pé "o" kó máa bá "o" lọ. Kí a yí i padà lójijì nítorí pé a fẹ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ máa ń jẹ́ kí gbólóhùn náà dún bíi ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúgbò tí ẹnu yín ti wá: tí ẹ bá máa ń sọ "ẹ" níbi tí ìwé ń kọ "rẹ", "Àárò ẹ ń sọ mí" ni kí ẹ kọ.

Bí gbólóhùn ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn

Ìkíni ló ń ṣíwájú, ẹ sì yan èyí tó bá ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ mu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó ń lọ, "O kú ìrìn" ni tiẹ̀. Ẹni tó ti wà nínú ìpàdé látàárọ̀, "O kú iṣẹ́ òní." Ẹni tó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá, "O kú ìtọ́jú Màmá." Ìkíni kan ṣoṣo yìí ti sọ fún un pé ẹ rántí ibi tó wà àti ohun tó ń ṣe, kí ẹ tó sọ ti ara yín. Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tí mo máa mẹ́nu bà níwájú.

Ohun kékeré yẹn ló tẹ̀ lé e, nínú gbólóhùn kan tàbí méjì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Àárò rẹ ń sọ mí" wá. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, láìfi nǹkan kan kún un. Kò nílò "gan-an gan-an," kò nílò àmì ìyanu mẹ́fà. Nígbà tí ohun kékeré ti ṣíwájú rẹ̀, ó ti wúwo tó. Àwọn kan máa ń fi í ṣíwájú. Kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ṣíwájú, ẹni tó ń kà á lè fi ojú fò ó bíi ti ìkíni.

Èyí tó kẹ́yìn ni gbólóhùn tó ń tú u sílẹ̀: "Má wulẹ̀ fèsì lálẹ́ yìí, sùn dáadáa," tàbí "A máa sọ̀rọ̀ lọ́la." Òun ló ń sọ fún un pé kò jẹ yín ní gbèsè. Ẹ lè dárúkọ ọjọ́ tó ń bọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ìrìn àjò kúkúrú ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀. "Ọjọ́bọ ò jìnnà mọ́" ń fi ìdùnnú hàn. "Jọ̀ọ́, tètè máa bọ̀" ń béèrè ohun tó ṣeé ṣe kí agbára rẹ̀ má ká.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan wò

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyàwó lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ. Ọkọ wà nílé pẹ̀lú ọmọ kan tó ń lọ ilé ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti di alẹ́, ó jókòó, ó kọ èyí:

> Oòrùn ayé mi, láti ìgbà tí o ti lọ ni gbogbo nǹkan ti dojú rú. Mi ò lè jẹun, mi ò lè sùn. Ilé yìí ti dà bí aṣálẹ̀. Ọmọ ń béèrè rẹ, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un. O ò tiẹ̀ pè láti àná. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an gan-an. Jọ̀ọ́ tètè máa bọ̀. Níbo lo fi káàdì ìbí rẹ̀ sí? Wọ́n ní kí n mú un wá sílé ìwé lọ́la.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyàwó náà máa gbà nínú yàrá tí wọ́n fi í sí: ilé ti dàrú, ọmọ ò dákẹ́, ó jẹ̀bi pé kò pè, káàdì ìbí sì ti sọnù. Ọ̀rọ̀ káàdì ló máa kọ́kọ́ fèsì. Lẹ́yìn náà á ní "Má bínú." Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti máa rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ó yọ káàdì ìbí jáde, kó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ní tiẹ̀, torí pé lọ́la ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ kejì ni kó yọ "O ò tiẹ̀ pè láti àná." Tó bá dùn ún lóòótọ́, kó pè é fúnra rẹ̀. Àìjẹun àti àìsùn kò sí níbẹ̀, ó jẹun yó kó tó jókòó, nítorí náà kó jáde. Aṣálẹ̀ náà bá a lọ. Ohun tó kù kò pọ̀: ọmọ ń béèrè ìyá rẹ̀, àárò sì ń sọ bàbá.

Kí wá ni ohun kékeré tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ó ronú, ó rántí pé nígbà tó wọlé nírọ̀lẹ́, ó ti ẹnu ọ̀nà pe ìyàwó rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ọmọ sì fi í rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó ń wá rèé. Ó ní ohùn nínú, ó ní ọmọ nínú láìsí ẹkún, òótọ́ sì ni.

> Àdùkẹ́ mi, o kú iṣẹ́ òní o. Mo wọlé nírọ̀lẹ́ yìí, mo sì pè ọ́ láti ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé o ò sí nílé. Ọmọ rẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sùn. Àárò rẹ ń sọ mí. Sùn dáadáa, Ọjọ́bọ ò jìnnà mọ́.

Mo fẹ́ràn "ọmọ rẹ" níbẹ̀. Bí àwọn òbí ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí ọmọ bá ṣe àṣejù nìyẹn, ìyàwó náà á sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò kọ orúkọ ọmọ, kò ṣàlàyé yẹ̀yẹ́ tó ṣe. Ìyàwó á béèrè.

Tó bá jẹ́ ìyàwó ló wà nílé, tó sì máa ń fi "ẹ" bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó lè lọ báyìí:

> Olówó orí mi, ẹ kú àárẹ̀ o. Mo jí lóru àná, mo rọra dìde kí n má bàa jí yín, kí n tó rí i pé èmi nìkan ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín. Àárò yín ń sọ mí. Ẹ má wulẹ̀ fèsì lálẹ́ yìí, ẹ sinmi.

Ìgbà tó yẹ kó dé

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ ṣì ń wá yàrá rẹ̀, ó ṣì ń tú ẹrù, "Mo ti dé" àti "Ọpẹ́ ni" ti tó lọ́jọ́ yẹn. Alẹ́ ọjọ́ kejì ló dára jù lójú tèmi, nígbà tí ìgbòkègbodò ìrìn ti rọlẹ̀, tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ ò sì tíì sún mọ́ tó láti máa múra. Fún ìrìn àjò ọjọ́ méjì, ẹyọ kan ṣoṣo tó. Fún ọjọ́ márùn-ún, méjì, kí wọ́n má sì tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ fi í sí àkókò tó ti wà nínú yàrá rẹ̀. Tó bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ wo aago ibẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ yín lè jẹ́ òru tiẹ̀, fóònù á sì kígbe létí rẹ̀. Ẹ sì rántí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa ń hàn lójú fóònù kí a tó ṣí i. Tó bá gbé fóònù sórí tábìlì láàárín àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, àwọn náà á kà á. Iṣẹ́ kejì tí ìkíni ń ṣe rèé: tí "O kú iṣẹ́ òní o" bá wà níwájú, ohun tí ojú àjèjì máa rí kò lè dójú tì í, ìyókù á dúró de òun nìkan.

Lórí WhatsApp, àmì kan túmọ̀ sí pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, àmì méjì pé ó ti dé inú fóònù rẹ̀, àwọ̀ búlúù pé ó ti ṣí i. Ẹni tó bá ti pa àmì kíkà náà kò ní jẹ́ kí ẹ rí búlúù láéláé, nítorí náà ẹ má fi í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Tí ẹ bá rí àṣìkọ, ẹ ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un ṣe.

Tí kò bá ní détà níbi tó lọ, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, ìyẹn SMS, ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ Yorùbá kò kíyè sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ pé lẹ́tà tó wà nínú àkójọ rẹ̀ àtilẹ̀wá nìkan la lò. Bí ẹ bá ti fi ẹyọ "ọ" tàbí "ẹ" tàbí "ṣ" kan ṣoṣo sí i, ó di 70. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ á pín sí ìdì, owó ìdì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì sábà máa ń gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ Àdùkẹ́ yẹn á di ìdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó ṣì máa so pọ̀ nínú fóònù rẹ̀, kò sí ewu. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó wọ ẹyọ kan, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i kí ẹ sì gé e kúrú. Èmi á san owó àmì.

Ká kọ ọ́ tàbí ká sọ ọ́

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ dára fún ẹni tí ìkọ̀wé kò rọrùn fún, ó sì ní ohun tí lẹ́tà kò ní. Ṣùgbọ́n ó nílò ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹni náà tó lè gbọ́ ọ, kò sì ṣeé yọjú wò lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìpàdé. Tí ẹ bá yàn án, ìdajì ìṣẹ́jú tó. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn mẹ́rin yẹn wà lọ́kàn yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn aládùúgbò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé "Gbọ́ ọ tí o bá wà níwọ nìkan."

Èsì, àti àìsí èsì

Èsì tó bá dé ló máa sọ bí ohun tí ẹ kọ ṣe dún. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Má bínú" tàbí "Iṣẹ́ ló pọ̀ jù," ó ti kà á bí ẹ̀sùn. Ẹ má ṣàlàyé gígùn. "Rárá o, mi ò bínú, àárò lásán ni" ti tó, kí ẹ sì padà lọ wo èyí tó jọ ìdálẹ́bi nínú ohun tí ẹ kọ. Ó sábà máa ń jẹ́ gbólóhùn tó ń ka iye ọjọ́ tàbí iye ìgbà tí kò pè.

Tó bá jẹ́ "Èmi náà" nìkan, ẹ má fi ìyẹn wọn ìfẹ́. Ẹni tó ti jókòó sínú gbọ̀ngàn láti àárọ̀ kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Tó bá sì jẹ́ pé kò sí èsì rárá, ẹ̀yin lẹ sọ pé kó má fèsì, ẹ dúró ti ọ̀rọ̀ yín. "Ṣé o rí ohun tí mo kọ?" lẹ́yìn wákàtí kan ń sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn di irọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ kí i bó ṣe yẹ, láì mẹ́nu bà á. Ohun tó máa dùn jù ni kó béèrè nípa ohun kékeré yẹn: "Kí ni ọmọ náà sọ gan-an?" Tó bá béèrè, ẹ sọ ọ́ tán.

Tí ẹ bá fẹ́ fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ má tún gbólóhùn ti àkọ́kọ́ kọ. Fọ́tò lè rọ́pò rẹ̀: apá tiẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ti gbà, pẹ̀lú "Wọ́n ti gba ilẹ̀ rẹ o." Àárò wà nínú rẹ̀ láì dárúkọ rẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà, ẹ wo orúkọ tó wà lókè. Àárò tó bọ́ sínú gúrúùpù mọ̀lẹ́bí ṣeé pa rẹ́ pẹ̀lú "Delete for everyone", ṣùgbọ́n àǹtí kan á ti kà á.

Lọ́jọ́ tó máa padà sílé, ẹ gbé àárò jẹ́ẹ́. "O kú ìrìn o, a ń retí rẹ" kó tó kúrò níbẹ̀ ti tó. Tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́ títí yóò fi pè yín pé òun ti dúró.